Asẹ́ Onípele Mẹ́fà: Ọ̀nà tí Máàkì Mẹ́sàn-án Gbà Lọ

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù mi. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ti dá ìwé ìdánwò ráńpẹ́ padà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá tí mò ń kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Gbogbo olùkọ́ yunifásítì ló mọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá máàkì méjì kún un.” “Mà, dádì mi ní kí n bá àwọn kí yín.” Nítorí náà, n kò tètè ṣí i. Ìgbà tí mo ṣí i, ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

“Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìbéèrè Kejì, ti asẹ́, ni mo bá wá. Mo gba 6 nínú 15. Mo ti tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, asẹ́ onípele 6 náà ló ń jáde, n kò sì rí ibi tí mo ti ṣi nǹkan kan rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e fún kọ̀ǹpútà, ìpele 3 ni ó ní kó jẹ́. Mà, kì í ṣe pé mò ń bẹ̀bẹ̀ máàkì. Ibi tí mo ti ṣìnà ni mo fẹ́ mọ̀. Àti pé, mà, bí asẹ́ onípele 6 bá lágbára ju onípele 3 lọ, ṣé kì í ṣe pé tèmi tiẹ̀ dára jù bí?”

Ìbéèrè tó wà ní ìparí yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn bọ̀rọ̀. Ọmọ yìí kò ṣe àṣìṣe ìṣirò kankan nínú iye ìpele tó kọ. Síbẹ̀, bí a bá kan asẹ́ tó ṣe mọ́ ẹ̀rọ, ohùn tí ìbéèrè ní kó kọjá yóò há sínú rẹ̀. Bí nǹkan méjèèjì yìí ṣe jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pàdánù máàkì lọ́dọọdún.

Ohun tí ìbéèrè náà fẹ́

Ẹni tó ń sẹ́ ògì fẹ́ kí omi ògì kọjá, kí eèrí sì dúró sórí aṣọ. Asẹ́ ti àwa onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ohùn. Tí onígángan bá fún okùn ìlù rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, awọ á le, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á sì lọ sókè. Tó bá dẹ okùn náà, awọ á dẹ̀, ìgbọ̀n rẹ̀ á falẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀. Iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan là ń kọ ní Hz. Asẹ́ tí mo béèrè fún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìgbọ̀n tó falẹ̀ kọjá, kí ó sì dá èyí tó yára dúró.

Àwọn ohun tí mo kọ sínú ìbéèrè kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ń yọjú wo ohùn ní ìgbà 8000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìlànà tẹlifóònù ṣe rí. Ìkejì, ààlà wà ní 2000 Hz, níbi tí asẹ́ ti gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ìgbì ohùn náà ṣì kọjá. Ibẹ̀ ni agbára ohùn ti máa ń di ìdajì, ibẹ̀ náà sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ṣe ààlà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkẹta, tí ohùn bá dé 3000 Hz, ohun tó máa kọjá kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Mo ní kí wọ́n lo asẹ́ Butterworth, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Stephen Butterworth, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Bìrìtéènì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1930. Ohun tí a fi ń yìn ín ni pé kì í ṣe ségesège. Ohùn tó bá gbà láàyè, ó ń gbà á láàyè lọ́gbọọgba títí yóò fi súnmọ́ ààlà.

Ìpele asẹ́ dà bí iye aṣọ tí a tẹ́ léra wọn lẹ́nu igbá ògì. Ẹyọ kan á jẹ́ kí eèrí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, mẹ́ta á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́fà á sì mọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ìpele kọ̀ọ̀kan ní owó orí rẹ̀. Yóò fi ìṣirò kún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìgbà 8000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò sì tún jẹ bátìrì. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi sọ pé kí wọ́n lo ìpele tó kéré jù tó lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà

Ó pín 3000 sí 2000, ó rí 1.5. Asẹ́ Butterworth ní òfin kan tó rọrùn: mú ìpín yẹn, máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì fún ìpele kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi tó 99. Ibi tí 99 ti wá ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga ìgbì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, òfin Butterworth sì ti ní 1 kan nínú tẹ́lẹ̀.

Tí a bá fi 1.5 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ìyẹn fún ìpele márùn-ún, 57.7 ni a óò rí. Kò tó. Tó bá di ìgbà méjìlá, fún ìpele mẹ́fà, a óò rí 129.7. Ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Nítorí náà ó kọ ìpele 6. Ìṣirò yìí yè kooro. Bó bá jẹ́ asẹ́ tí a fi wáyà tí a ká àti kàpásítọ̀ ṣe, bíi ti ìgbà ayé Butterworth fúnra rẹ̀, n bá fún un ní máàkì tó pé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kò béèrè asẹ́ oníwáyà. Asẹ́ oníṣirò ni mo béèrè, èyí tí kọ̀ǹpútà yóò fi nọ́ńbà ṣe. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé a óò kọ́kọ́ ṣètò asẹ́ oníwáyà lórí ìwé, lẹ́yìn náà a óò sọ ọ́ di oníṣirò nípa ọ̀nà kan tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ orúkọ Arnold Tustin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e jáde nínú ìwé kan ní 1947. Ọ̀nà Tustin dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: ó máa ń sún nǹkan kì.

Aṣọ tó ń súnkì

Ẹ jẹ́ kí n fi télọ̀ ṣàlàyé. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé aṣọ tó ń súnkì bí ara oníbàárà ṣe gùn gan-an. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí bùbá balẹ̀ dé ibì kan, yóò gé e gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí omi bá ti kàn án, ibi tí wọ́n fẹ́ gan-an ni yóò dúró sí. Télọ̀ tó bá gé e bó ṣe wà lórí ìwọ̀n kò ṣi ìwọ̀n kà, ṣùgbọ́n bùbá yẹn kò ní wọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́.

Ìdí tí súnkì fi ń wà níbí kò ṣòro. Nínú ayé wáyà, ìgbọ̀n lè yára títí láìlópin. Nínú ayé kọ̀ǹpútà tó ń yọjú ní ìgbà 8000, òpin wà, 4000 Hz sì ni. Ohun tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á ṣì í mú, á pè é ní ohun mìíràn. Ọ̀nà Tustin wá kó gbogbo ayé wáyà, láti òdo títí dé àìlópin, ó sì tò ó sínú àyè tó wà láàárín òdo àti 4000. Kò sí ohun tó jábọ́, ohunkóhun kò sì gun orí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù àìlópin sínú yàrá kan gbọ́dọ̀ fún wọn pọ̀.

Súnkì náà kò sì dọ́gba. Ààlà oníwáyà tí a bá fi sí 100 Hz yóò bọ́ sí 99.95, ìyẹn kò tó nǹkan. Tí a bá fi sí 1000, yóò bọ́ sí 953. Tí a bá fi sí 2000, yóò bọ́ sí 1695. Tí a bá fi sí 3000, yóò fà sẹ́yìn dé 2208. Bí a ṣe ń súnmọ́ ògiri 4000 ni ìfúnpọ̀ ń le sí i.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó gé aṣọ ní 2000, ó fi omi Tustin fọ̀ ọ́, aṣọ sì dúró ní 1695. Kò mọ̀, nítorí kò tún wọ̀n ọ́ lẹ́yìn ìfọ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju ìlà kan lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò asẹ́ oníwáyà, a óò kọ́kọ́ béèrè pé: ibo ni mo ti gbọ́dọ̀ gé e tí yóò fi bọ́ sí ibi tí mo fẹ́? Ìdáhùn wà nínú ìlà yìí, níbi tí f ti jẹ́ ibi tí a fẹ́, tí F sì jẹ́ ibi tí a óò gé:

```
F = (8000/π) · tan(π·f/8000)
```

Fún 2000, F jẹ́ 2546. Fún 3000, F jẹ́ 6148. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ ìgbésẹ̀ yìí sí títẹ ààlà ṣáájú: a tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì, kí súnkì lè dá a padà sí ipò.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Kì í ṣe pé ààlà méjèèjì sún síwájú nìkan ni, àyè tó wà láàárín wọn náà fẹ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, 3000 pín sí 2000 jẹ́ 1.5. Ní báyìí, 6148 pín sí 2546 jẹ́ 2.41. Tí àyè láàárín ohun tí a fẹ́ àti ohun tí a kò fẹ́ bá fẹ̀, iṣẹ́ asẹ́ á rọrùn. Tí a bá fi 2.41 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́rin, fún ìpele méjì, a óò rí nǹkan bí 34. Kò tó 99. Ní ìgbà mẹ́fà, fún ìpele mẹ́ta, a óò rí 198. Ó tó. Ìpele 3 tí kọ̀ǹpútà sọ nìyẹn, ìdajì ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ.

“Ṣé kì í ṣe pé tèmi tiẹ̀ dára jù?”

Ìbéèrè yìí yẹ fún ìdáhùn gidi, nítorí ó jọ òótọ́. Mẹ́fà ju mẹ́ta lọ. Ní 3000 Hz, mo ní kí ohun tó kọjá má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ohun tí asẹ́ rẹ̀ máa jẹ́ kó kọjá sì fi díẹ̀ péré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan là ń wò, ó borí.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí 2000 Hz, níbi tí mo ti ní kí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá. Ìdá 23 péré ni asẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kọjá. Ohùn tó yẹ kó gbà láàyè ni ó há mọ́.

Nǹkan tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí dì mú wà níbí. Ká ní asẹ́ onípele kan ló ṣe, pẹ̀lú àṣìṣe ààlà kan náà, ìdá 62 ì bá kọjá ní 2000. Ó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n etí lè má mọ̀. Ká ní onípele mẹ́ta ni, ìdá 44. Nígbà tó di onípele mẹ́fà, ó di 23. Bí asẹ́ ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ààlà ń dun ni sí i. Ẹni tó mọ ògiri sórí ilẹ̀ onílẹ̀, bí ògiri náà bá ṣe le tó ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò ṣe le tó. Ọgbà igi ni, wọn á ní kó yọ ọ́. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni, ilé ẹjọ́ yá. Asẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ ògiri onípele mẹ́fà ní 1695, ó sì fi 305 Hz wọ inú ilẹ̀ ohùn tó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá.

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí i ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Ó dá mi lóhùn pé: “Ó ti yé mi, mà. Agbára asẹ́ nìkan ni mò ń wò, n kò wo ibi tó dúró sí.”

Máàkì méjì tí ì bá gba gbogbo rẹ̀ là

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè náà ní máàkì méjì péré: “Fi hàn pé asẹ́ rẹ ṣe ohun tí a béèrè.” Akẹ́kọ̀ọ́ náà fò ó. Ó ní àkókò ti lọ, àti pé máàkì méjì kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n fi asẹ́ tó tọ̀nà han ohun tí ì bá ná an.

Tí a bá gé asẹ́ onípele mẹ́ta ní 2546, tí a sì gbé e gba ọ̀nà Tustin, nọ́ńbà inú rẹ̀ á rọrùn débi pé ọmọ girama lè fi ọwọ́ ṣe é:

```
y[n] = (x[n] + 3x[n-1] + 3x[n-2] + x[n-3])/6 - y[n-2]/3
```

x ni ohun tó wọlé, y ni ohun tó jáde. Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé: mú èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àti mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, fi 1, 3, 3 àti 1 sọ wọ́n di púpọ̀, kó wọn pọ̀, pín wọn sí 6, kí o sì yọ ìdá mẹ́ta ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mejì sẹ́yìn kúrò.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ àyẹ̀wò méjì kan. Ti àkọ́kọ́ ni pé kí a máa fi 1, 1, 1, 1 ránṣẹ́, ìyẹn ohun tí kò gbọ̀n rárá. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní 1. Ìkejì ni pé kí a fi 1, −1, 1, −1 ránṣẹ́, ìyẹn ìgbọ̀n tó yára jù tí kọ̀ǹpútà lè rí. Ó gbọ́dọ̀ di òdo. Asẹ́ wa yege nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n asẹ́ onípele 6 tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe náà yóò yege nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà rẹ̀ ti ṣí kúrò! Súnkì kì í fọwọ́ kan òdo, kì í sì í fọwọ́ kan ògiri òpin. Àárín ló ti ń ṣọṣẹ́. Nítorí náà, orí ààlà gan-an ni a gbọ́dọ̀ ti yẹ asẹ́ wò.

Ní 2000 Hz, kọ̀ǹpútà ń yọjú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin fún ìgbọ̀n kan. Ẹ fi 1, 0, −1, 0 ránṣẹ́ léraléra. Lẹ́yìn tí asẹ́ bá ti fara balẹ̀, ohun tó máa jáde ni −0.5, 0.5, 0.5, −0.5. Láti mọ agbára, ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì kó wọn pọ̀. Ohun tó wọlé jẹ́ 1 àti 0 àti 1 àti 0, àròpọ̀ rẹ̀ 2. Ohun tó jáde jẹ́ 0.25 lọ́nà mẹ́rin, àròpọ̀ rẹ̀ 1. Agbára di ìdajì géérégé, bí ìbéèrè ṣe fẹ́. Bó bá jẹ́ asẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, 2 tó wọlé yóò jáde bíi 0.1. Ẹni tó bá rí 0.1 níbi tó ti ń retí 1 yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti wọ́.

Kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lò kò sọ fún un pé òun tẹ ààlà ṣáájú. Ó kàn ṣe é ni. Ìlà mẹ́ta yìí ni ó tẹ̀:

```python
from scipy.signal import buttord, butter
N, Wn = buttord(2000, 3000, 3, 20, fs=8000)
b, a = butter(N, 2000, fs=8000)
```

`N` jáde ní 3, nọ́ńbà inú `b` sì jẹ́ 0.1667, 0.5, 0.5, 0.1667, ìyẹn 1, 3, 3 àti 1 tí a pín sí 6. Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló fi ń ṣe é lè parí ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún láìmọ̀ pé ìgbésẹ̀ kan wà níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì, àti ibi tí òfin yìí mọ

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn nínú kíláàsì kan náà rántí láti tẹ ààlà ṣáájú, ó sì tún ṣìnà. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ wà lórí `DEG` nígbà tó yẹ kó wà lórí `RAD`. Nígbà tó tẹ tan fún 2000, 0.0137 ni ó rí dípò 1. Ààlà rẹ̀ ṣubú láti 2546 sí nǹkan bí 35 Hz. Àmì kan wà tí a fi ń dá èyí mọ̀. Tí ààlà bá jẹ́ ìdámẹ́rin iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń yọjú, bíi 2000 nínú 8000, tan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 gẹ́lẹ́. Àti pé F kì í kéré ju f lọ láé. Bí ibi tí o máa gé bá kéré ju ibi tí o fẹ́ kó dúró sí, wo orí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ kí o tó tẹ̀síwájú.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé títẹ ààlà ṣáájú ń mú súnkì kúrò. Ibi tí a bá tẹ̀ nìkan ló ń padà sí ipò, àárín àwọn ibẹ̀ ṣì wọ́ síbẹ̀. Fún asẹ́ tó ní ilẹ̀kùn àbáwọlé kan àti ọ̀nà tí a tì kan bíi tiwa, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ìgbọ̀n pẹ́ bákan náà nínú asẹ́, ọ̀nà Tustin kò ní bá a mu, àfi kó wá irú asẹ́ mìíràn. Bákan náà, bí ààlà bá jìnnà pátápátá sí ògiri, bíi 50 Hz níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń yọjú ní ìgbà 8000, ẹni tí kò tẹ nǹkan kan yóò ṣì rí ohun tó fẹ́, nítorí súnkì ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún Hz. Bóyá èyí ló mú kí àwọn kan rò pé ìgbésẹ̀ náà kò pọn dandan. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ kò jẹ́ kó hàn.

Ìwé tí mo tún ṣí

Nígbà tí mo parí àlàyé, mo mú ìwé ìdáhùn rẹ̀ jáde láti fi máàkì náà wé ìlànà tí mo fúnra mi kọ. Títẹ ààlà ṣáájú ní 3, iye ìpele ní 3, asẹ́ oníwáyà ní 3, asẹ́ oníṣirò ní 4, àyẹ̀wò ní 2. Mo ti fún un ní òdo nínú àkọ́kọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkẹta, ó kọ 1.9139 níbi tó yẹ kó kọ 1.9319. Nọ́ńbà méjì gba ipò ara wọn, máàkì kan lọ, ó tọ́. Kò parí ìkẹrin, ó gba 3. Kò ṣe ìkarùn-ún, òdo.

Ìkejì ni ojú tì mí sí. Mo fún un ní 1 nínú 3 nítorí pé 6 ni ó kọ, tí mo sì ń retí 3. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà tọ́, 1.5 tó gbé wọ inú rẹ̀ wá láti inú àṣìṣe àkọ́kọ́, èyí tí mo ti gba máàkì mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ lé lórí. Ìlànà ẹ̀ka wa ni pé a kì í jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe kan. Mo sì tún rí i pé ohun kan ṣoṣo tí mo kọ sí etí ìwé náà ni òdo tí mo fi bíírò pupa yí po, láìsí ọ̀rọ̀ kan tó lè sọ fún un pé súnkì ni.

Mo kọ̀wé sí i pé: “Máàkì méjì tìrẹ wà lọ́wọ́ mi. 8 ni o gbà, kì í ṣe 6. Méje tó kù, o mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ.” Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo yí ìbéèrè náà padà. Àyẹ̀wò lórí ààlà kì í ṣe máàkì méjì mọ́, ó ti di mẹ́rin.